Ta Ni Ká Kí Lókè Lẹ́tà Yìí?

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti fi ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà ní Bonamoussadi, àdúgbò kan ní Douala ní Kamẹrúùnù. Ṣọ́ọ̀bù mi ò tóbi: kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan, àti àga onírọ́bà mẹ́ta níta fún àwọn tó ń dúró. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi ti mú mi wá sí Douala. Òun ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, èmi ń tẹ̀wé. Inú lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú Faransé tí mò ń sọ.

Tí ẹnìkan bá wá pé kí n bá òun kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan wà tí mo ti tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà lókè rẹ̀ ni “To Whom It May Concern”, ìyẹn ni pé, sí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn. Orúkọ oníbàárà àti iṣẹ́ tó ń wá nìkan ni mo máa ń pààrọ̀, tí mo bá ṣe tán, ó di títẹ̀ jáde. Mi ò ronú sí i rí. Oníbàárà kan ò sì bi mí rí pé ta ni mò ń kí.

Ọmọ bíbí inú mi ló bi mí.

Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ni. Douala ni mo bí i sí, ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló lọ, Yorùbá tó ń gbọ́ sì ju èyí tó ń sọ lọ. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ bí a ṣe ń kó ẹrù láti ìlú kan sí òmíràn, ó sì ti fi ọdún kan gbáko jókòó láìríṣẹ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ó wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté ń wá ẹni tí yóò máa ṣètò ìwé ẹrù. Wọ́n fẹ́ ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ń ti Nàìjíríà wá. Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi kọ lẹ́tà. Àdírẹ́sì í-meèlì kan àti nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo ṣí lẹ́tà tí mo ti tọ́jú. Mo ti fẹ́ máa tẹ orúkọ rẹ̀ sí i nígbà tó tọ́ka sí òkè rẹ̀.

“Mọ́mì, ta ni à ń kí níbí?”

“Ẹni tó bá máa kà á ni.”

“Ta ni ẹni yẹn?”

“Ṣé mo mọ̀ ọ́n ni? Wọn ò kúkú kọ orúkọ síbẹ̀.”

Ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò lò.

“Ẹ wò ó, nísàlẹ̀ a sọ fún wọn pé mo mọ iṣẹ́ wọn, pé ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni mo fẹ́ wá. Lókè, ó dà bí ẹni pé mi ò mọ ibi tí mò ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa ń kọ ìkíni yìí sí, irú èyí tí èèyàn máa mú kiri, tó lè dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí ò ní kiri. Ibì kan ló ń lọ.”

Inú bí mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Mélòó ni mi ò tíì tẹ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù yìí? Àwọn kan sì ríṣẹ́ nínú wọn. Mo sún kúrò lórí àga, mo ní kó jókòó, kó ṣe é bó bá ṣe fẹ́.

Ó kọ́kọ́ tún ìkéde náà kà láti òkè délẹ̀. Ó lọ sí ojú ìwé ilé iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòrán kọ̀ńténà àti ọkọ̀ akẹ́rù ló kún ibẹ̀, orúkọ ọ̀gá pátápátá nìkan ni wọ́n kọ. Mo ní kó kúkú kọ ọ́ sí ọ̀gá pátápátá náà.

“Kì í ṣe òun ló máa kà á, Mọ́mì.”

Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ mi wọlé, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Ibẹ̀ yẹn? Mo ti tún ẹ̀rọ amúlétutù wọn ṣe rí! Mo mọ ọ̀gá tó wà ní ẹ̀ka ìwé. Èèyàn dáadáa ni.” Ó dárúkọ ọkùnrin náà. “Kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ọmọ mi. Ní ìlú yìí, orúkọ ló ń ṣílẹ̀kùn.”

Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọmọ náà ò tíì tẹ nǹkan kan.

“Dádì, ìgbà wo lẹ lọ síbẹ̀ kẹ́yìn?”

Ó ronú. “Á tó ọdún mẹ́ta.”

“Ẹ má bínú, sà. Tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́ ńkọ́? Tí mo bá fi orúkọ ẹlòmíràn kí ẹni tó wà lórí àga, ó burú ju kí n má kọ orúkọ rárá lọ.”

Ojú ọkọ mi yí padà. Ẹ̀bùn ló kó wá, ọmọ rẹ̀ ò gbà á. Ó gbé àpò rẹ̀, ó ní kò burú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé lẹ mọ̀ ọ́n. Mo bá ọmọ náà wí pé bàbá rẹ̀ ń gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́ ni. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó ní, “Mo mọ̀, Dádì. Mo fẹ́ mọ òótọ́ kí n tó kọ ọ́ ni.” Ọkọ mi ò lọ mọ́. Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga onírọ́bà náà, ó ń wò wá.

Ilé iṣẹ́ náà máa ń ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán Sátidé. Ọmọ mi pe nọ́ńbà tó wà lórí ìkéde, ó jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ. Ó fi Faransé kí obìnrin tó gbé e, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ lẹ́tà wá, ṣé òun lè mọ orúkọ ẹni tó ń gba àwọn lẹ́tà náà? Obìnrin náà ní àwọn kì í fún èèyàn lórúkọ lórí fóònù. Èmi ìbá ti pa fóònù náà. Ọmọ mi ò pa á. Ó ní ó yé òun, ó tún béèrè pé láìdárúkọ, ipò wo ni ẹni tí yóò kà á wà?

“Le chef du service documentation,” ni obìnrin náà dáhùn. Olórí ẹ̀ka ìwé ẹrù nìyẹn. Ọmọ mi dúpẹ́.

Mo ní, “Ó dáa, ó ní ‘le chef’, ọkùnrin ni. Kọ ‘Dear Sir’.”

Ó mi orí pé rárá. “Mọ́mì, ẹ̀yin náà mọ Faransé. Orúkọ ipò ni, wọ́n lè pe obìnrin bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ni. Mo ti tẹ irú rẹ̀ fún àwọn obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá, àìmọye ìgbà.

Ó sọ fún mi pé ká ní Faransé ni, “Madame, Monsieur” kò ní àléébù kankan, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ká ní a ò mọ ẹ̀ka tó ń gba lẹ́tà ńkọ́, òun ìbá kí ẹni tó ń gbani síṣẹ́, “Dear Hiring Manager”, tàbí gbogbo àwọn tó wà nídìí rẹ̀, “Dear Recruitment Team”. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a ti mọ ipò rẹ̀, ipò yẹn lòun máa kí. Ó tẹ “Dear Documentation Manager”, ó fi àmì ìdánudúró díẹ̀ sí i.

Nígbà náà ni mo rántí nǹkan kan. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, mo máa ń rán an lọ kí àwọn àgbà àdúgbò, tí yóò ní òun ò mọ orúkọ wọn. Mo máa ń sọ fún un pé ta ló ní kó pe àgbà lórúkọ? Kó wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà. Èyí tó ń dín béńyẹ̀, ìyẹn pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, nígun ọ̀nà, Màmá Oníbéńyẹ̀ ni. Èyí tó ń ránṣọ, Bàbá Aránṣọ. Kò sí ẹni tó bínú sí i rí. Mo sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tiẹ̀ rántí. Ọkọ mi ní, “Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ló wà.” A fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Nígbà tó dé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

“Obìnrin ni ọ̀gá náà!” ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ. “Ọkùnrin tí Dádì mọ̀ ti lọ sí èbúté Kribi láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin náà ní àwọn kan ṣì ń kọ lẹ́tà sí ọkùnrin yẹn. Àwọn tó kù ń pe òun ní ‘Sir’. Ó ní kí n sọ bí mo ṣe mọ ipò òun, mo ní mo pè yín lórí fóònù ni. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.”

“Ṣé ó gbà ọ́?”

“Wọ́n á pè mí. Ìwé ẹrù ló fi wákàtí kan gbáko bi mí léèrè, Mọ́mì, kì í ṣe ìkíni.”

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìkíni ò gbani síṣẹ́, ohun tó wà nínú orí èèyàn ló ń gbani. Wọ́n pè é lọ́jọ́ Tọsidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó wá bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta fún ìdánwò. Ọkọ mi jáde lọ bá àwọn tó ń ṣe káfíńtà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú: “Èmi fún un lórúkọ, ó ní rárá, òun á wádìí. Ọmọ mi nìyẹn o!”

Mo pa lẹ́tà àtijọ́ náà rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Oníbàárà tó bá wá nísinsìnyí, ìbéèrè ni mo fi ń pàdé rẹ̀: ta ni yóò kà á? Ẹ jẹ́ ká wo ìkéde, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n. Àwọn kan ń ráhùn pé mo ń fi àkókò wọn ṣòfò. Nọ́ọ̀sì kan bínú lọ, ó tún padà wá.

Ní oṣù tó kọjá mo gun bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà ibí, kọjá lẹ́bàá èbúté, mo ń lọ ra inkì ní àdúgbò Akwa. Ojú ọ̀nà dí, a dúró. Mo rí àbíkẹ́yìn mi ní òdìkejì, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀ ọsàn tó ń dán, fáìlì wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí ìwé kan fún awakọ̀ akẹ́rù tó ga jù ú lọ ní ìlọ́po méjì. Ọkùnrin náà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbọ́. Ọlọ́kadà mi bi mí bóyá mo mọ ọmọbìnrin yẹn, torí pé mo ti ń rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní kí n pè é nígbà náà. Mo ní rárá, ẹnu iṣẹ́ ló wà, kó máa gbé wa lọ.