Ẹ̀gbà Ọrùn Tí Mo Ní Kí Tántì Má Tíì Rà

Ojú ṣì máa ń tì mí bí mo bá rántí pé èmi ni mo ní kí Tántì ní sùúrù. Bàbá mi ń rọ wúrà ní àdúgbò Treichville, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà ńlá. Mo ti gba lísáǹsì, oyè yunifásítì, n kò rí iṣẹ́, mo sì ń bá a jókòó níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi dá sí ohun tí wọn kò bi mí.

Tántì, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ń ta aṣọ lọ́jà náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ, owó ẹ̀gbà ọrùn tí yóò rà fún un sì ti pé lọ́wọ́ Tántì. Nínú ẹbí wọn, ìyá ló ń fi wúrà sọ́rùn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wúrà gidi, tí àwọn àna yóò gbé lọ́wọ́ wò. Mo yẹ iye wúrà wò lórí fóònù mi: ó ń wálẹ̀.

"Tántì, ẹ dúró díẹ̀. Ó máa rọ̀ sí i."

"Ẹ gbọ́ ọmọ yunifásítì!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, mo gbọ́."

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wúrà ti wálẹ̀ sí i lórí fóònù mi, inú mi sì ń dùn. Bàbá pe ẹni tó ń ta wúrà fún un, ó sọ iye tó gbọ́ fún Tántì. Ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó wọ́n sí i? Ṣebí ọmọ yín ní ó ń wálẹ̀!"

"Dọ́là ni ọ̀gá oníwèé yìí ń kà, Àlájà. Ta ló ń gba dọ́là ní Treichville?" Bàbá dá Tántì lóhùn.

Mo kọ́ ìyẹn nílé ìwé, mo tilẹ̀ yege nínú rẹ̀. Wọ́n so sẹ́fà, owó tí à ń ná, mọ́ yúrò. Yúrò ti rẹlẹ̀ sí dọ́là, sẹ́fà sì bá a lọ. Iye wúrà dín díẹ̀ bí a bá fi dọ́là kà á, ṣùgbọ́n dọ́là fúnra rẹ̀ ti gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Irú wa tí kò lè rà á mọ́ wà káàkiri ayé," Bàbá sọ. "Ìyẹn wà lára ohun tó ń fà á wálẹ̀. Àmọ́ kò tíì wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àlájà, ṣé kí n ṣe é kó fúyẹ́ díẹ̀?"

"Kí àna mi gbé e lọ́wọ́ kó máa fò bí ìyẹ́ adìyẹ?"

"Bóyá kí a tún dúró..." mo bẹ̀rẹ̀.

"Sátidé ni ìgbéyàwó," Bàbá dá mi lóhùn. "Dúró de kí ni?"

Tántì bọ́ yẹtí rẹ̀ méjèèjì, èyí tí ìyá tirẹ̀ fi sí i létí lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ. "Ẹ yọ́ ọ mọ́ wúrà tí owó mi bá rà."

Mo dúró nítòsí iná. Yẹtí náà pọ́n, ó rọ̀, kò sì jọ nǹkan kan mọ́. Mo fẹ́ kí Tántì bú mi, torí ìyẹn ìbá fún mi láyè láti tọrọ àforíjì. Ó kàn ń fọwọ́ pa etí rẹ̀ tó ṣófo, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.