Ọkàn Pupa Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Dá Mi Lóhùn

Ọdún méjì ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fi bára wa sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Nígbà tí bàbá wa kú, mo sọ lójú gbogbo ẹbí pé ẹ̀gbọ́n mi, tó ń bá wọn gbé ní Ilé-Ogbó, kò tọ́jú wọn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi kàn dìde, wọ́n jáde.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo jókòó sílé wa ní Ìwó, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí wọn lórí Wásáàpù. Mo kọ ọ́ pé mo fojú ara mi rí wọn tí wọ́n ń gbé bàbá wa lọ wẹ̀ láràárọ̀, pé irọ́ ni mo pa, kí wọ́n dárí jì mí.

Kò pẹ́ tí àmì méjèèjì abẹ́ rẹ̀ fi di búlúù. Wọ́n ti kà á. Mo rí i lókè pé wọ́n ń tẹ nǹkan. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Lẹ́yìn náà ni fóònù dún: àwòrán ojú kékeré tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀ ni wọ́n fi sí ọ̀rọ̀ mi. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kí n tó ṣí i, ẹ̀rín ti lọ, ọkàn pupa ló wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

Ọkọ mi ní ẹni tó ń bínú kì í fi ọkàn ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn yẹn náà ni èmi máa ń fi sí àwòrán ọmọ ẹni tí n kò ráyè kí, kó ṣáà lè mọ̀ pé mo ti rí i. Ìka kan ló ń gbà. Ẹni tó bá kọ "ó ti tán" nìkan, ó kéré tán, ó jókòó wá ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Ilé-Ogbó. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níwájú ilé, símẹ́ǹtì funfun ti ilé ìwòsàn ni wọ́n fi di ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ṣẹ́ títí dé ìka. Ọ̀kadà ló gbé wọn ṣubú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kúnlẹ̀.

Wọ́n ní ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń tẹ èsì, gbogbo rẹ̀ ń dàrú, wọ́n sì ń pa á rẹ́. Nígbà tó sú wọn, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀ kí àwọn àwòrán kéékèèké lè yọ. Ojú ẹ̀rín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn, ibẹ̀ ni ìka wọn kọ́kọ́ bà.

Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi pè mí.

"Ohun tí o kọ kọjá orí fóònù," wọ́n ní. "Mo fẹ́ kí a ríra. Mo ti dárí jì ọ́. Dìde."

Alihamudulilahi. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ bá ìyàwó wọn dáná, a sì jọ jẹun.