Ìdajì Ìwé Tí Ọ̀gá Wa Gé Kúrò

Bébà ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa wà lójú ọ̀nà Ṣakí, bébà sì wọ́n bí ojú. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní ìṣirò ètò oko: bí ilẹ̀ rẹ bá tó báyìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ tó báyìí, báwo lo ṣe máa pín in fún iṣu àti àgbàdo kí èrè lè pọ̀ jù? Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní símpílẹ́ẹ̀sì la fi ń ṣe é. Wàá ya àtẹ nọ́ńbà kan, wàá mú nǹkan kan wọnú ètò, wàá yọ òmíràn kúrò, wàá tún ya àtẹ mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí kò ní sí ohun tó lè mú èrè lọ sókè mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó máa ń jókòó níwájú. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti Àgọ́-Àmọ̀dù. Lọ́jọ́ kan ó nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo la ṣe mọ̀ pé ó máa parí? Bó bá ṣe pé títí ayé la ó máa ya àtẹ ńkọ́?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tó dáa jù tí mo gbọ́ lọ́dún yẹn nìyẹn, mo sì ṣèlérí pé màá dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Àfi bí ibà ṣe dá mi wó lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú ìdánwò. N kò lè dúró níwájú pátákó, nítorí náà mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kọ ìwé kékeré kan fún wọn.

Apá kìíní lọ báyìí: gbogbo ètò tí ilẹ̀ àti òṣìṣẹ́ rẹ gbà, bí o bá yà á, ó ní àwọn igun. Igun kan ni àtẹ kọ̀ọ̀kan dúró lé. Bí o bá kúrò ní igun kan bọ́ sí òmíràn, èrè ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí náà o ò lè padà síbi tí o ti kúrò. Iye àwọn igun sì lópin. Dandan ni kó dúró: yálà o dé ibi tó dáa jù, tàbí àtẹ fi hàn ọ́ pé èrè náà kò lópin.

Apá kejì ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí àtẹ púpọ̀ máa ń dúró lé igun kan ṣoṣo, bí nǹkan kan tó wà nínú ètò bá jẹ́ òdo. Nígbà náà, o lè pààrọ̀ àtẹ kí èrè má sì kúrò lójú kan, kí o máa yí po títí wàá fi bá àtẹ àkọ́kọ́ pàdé. Kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀, fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nínú àwọn tó lè mú èrè lọ sókè, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni kí o mú wọlé. Bí àwọn tó yẹ kó jáde bá tún dọ́gba, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù náà ni kó jáde. Tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, àtẹ tí o ti fi sílẹ̀ kò ní padà mọ́ láéláé. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa wò ó, ó ní ojú bébà kan ṣoṣo ni kálukú máa gbà. Ó gé apá kejì dànù. Kò sọ fún mi. Orúkọ mi, ó jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ó tán ni? Kò tán o! Nítorí àìsàn mi, òun náà ló ṣe ìbéèrè ìdánwò. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó da ìṣirò kan kọ láti inú rẹ̀, kò sì ka gbólóhùn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé náà fi ìṣirò yẹn síbẹ̀ láti fi kìlọ̀ ni: bí èèyàn bá ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, tó ń mú èyí tó dà bíi pé ó lérè jù wọlé nígbà gbogbo, yíyí ni yóò máa yí po.

Nígbà tí ara mi yá, wọ́n kó ìwé ìdánwò wá fún mi láti máàkì. Mo rí ìbéèrè náà, mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ìṣirò ìkìlọ̀ yẹn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú, wọ́n pa á tì, wọ́n bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Wọ́n yege. Ọmọ Àgọ́-Àmọ̀dù nìkan ni kò pa á tì. Àtẹ lórí àtẹ, ó mọ́ nigín-nigín, n kò rí àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀. Níbi tí àtẹ àkọ́kọ́ ti padà, ó kọ ọ́ pé, "Ó ti padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀." Ó wá fa ìlà lé e lórí. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àṣìṣe mi ni." Ó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ ló wà tí aago fi lù, kò ráàyè ṣe àwọn ìbéèrè tó kù.

Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ yẹn, ilé ló ń lọ. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Mo wọ yàrá tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣèpàdé lórí èsì ìdánwò lọ tìbínú-tìbínú, mo ní ìbéèrè ni kò dáa, kì í ṣe ọmọ. Ọ̀gá wa gbé ojú bébà kan sókè, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ta ló ni orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí? Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ pé dandan ni kó dúró?"

"Ẹ̀yin lẹ gé ìyókù kúrò, sà!"

"Gbogbo àwọn yòókù yege. Ọ̀kan ṣoṣo ló fìdí rẹmi. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú."

Wọ́n tẹ̀ síwájú lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Bí mo bá ń rántí rẹ̀ títí di òní, ó ṣì máa ń bí mi nínú.

Wọ́n dá ọmọ náà padà sílé. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù. Inú oko ni mo ti bá òun àti bàbá rẹ̀, wọ́n ń kọ ebè. Mo kí bàbá pé wọ́n kú iṣẹ́. Wọ́n ní, "Òòò. Ẹ káàbọ̀, tíṣà." Wọn ò béèrè ohunkóhun, èyí gan-an ló dùn mí jù.

Mo mú igi, mo ya àtẹ náà sórí ilẹ̀, mo sọ òfin nọ́ńbà tó kéré jù fún ọmọ náà. Ó gba igi náà lọ́wọ́ mi. Ó ṣe é lọ, ó ṣe é lọ, èrè kúrò lójú kan, ìṣirò náà sì parí. Ó wò ó títí.

"Ó máa ń dúró lóòótọ́, sà."

"Ó máa ń dúró. Ìwọ kọ́ lo ṣàṣìṣe."

"Mo mọ̀, sà. Nígbà àkọ́kọ́ tó padà, ojú mi rí i kedere. Mo wá rántí orúkọ yín tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Mo ní ẹ̀yin ò lè ṣì wá lọ́nà láé. Ìyẹn ni mo ṣe fagi lé e."

Ilẹ̀ ni mo ń wò. Bàbá rẹ̀ pè é láti orí ebè. Ó fi ẹsẹ̀ pa àtẹ náà rẹ́, ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó sì padà lọ bá wọn.