Bí A Ṣe Yọ Páànù Ẹ̀gbọ́n Mi

Káfíńtà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó tó kú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde opó, ẹbí ọkọ ní kí àbúrò olóògbé ṣú u lópó. Ó ní òun ò fẹ́, òun á padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ilé amọ̀ oníyàrá méjì tó ń kọ́ sórí ilẹ̀ bàbá wa ti ń dúró de òrùlé. Owó páànù tuntun ti kọjá sísọ láyé sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n owó òwò ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ra páànù tó wà lórí ilé ọkọ rẹ̀ l'Ọ̀yọ́, gbogbo agboolé ló mọ̀. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n ní, "Kó máa kó páànù rẹ̀ lọ. Igi òrùlé àti yàrá, tiwa ni."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo káfíńtà tí a bẹ̀ ló ní òun ò lè dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó mú òòlù ọkọ rẹ̀, ó gun orí òrùlé. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń na irinṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí i. Èmi di àkàbà mú. Ojú ọjọ́ ń ṣú. Bí òjò bá ṣáájú wa dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹrẹ̀ ni ògiri yẹn máa dà.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga lójúde, kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lápò rẹ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn pa. Ó ní yàrá ẹbí ni, òrùlé nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Mi ò kọ́kọ́ mọ ìdí tí èyí fi burú.

Ẹ̀gbọ́n mi ta kẹrosíìnì sí ìdí ìṣó tó ti dógùn-ún. Ó fi pákó pẹlẹbẹ lélẹ̀ lórí páànù kí òòlù má baà tẹ̀ ẹ́ wọnú, ó fi ẹnu òòlù kọ́ orí ìṣó, ó rọra fà. Kò mira. Ó fà á díẹ̀ sí i, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ibi tó yọ gòngò bíi ebè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè pẹ̀lú ìṣó. Ó dáwọ́ dúró.

"Wọ́n ti tẹ ẹnu rẹ̀ lábẹ́ igi," ló sọ fún mi. "Bí mo bá fi agbára fà á, páànù á ya ní ìdí ìṣó."

Ìgbà kan ni ìjì ṣí ilé náà. Nígbà tí wọ́n tún un kàn, àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí ló dúró nínú yàrá, tó tẹ ẹnu gbogbo ìṣó tó yọ lábẹ́ igi, kí ìjì má baà tún fà wọ́n yọ. Inú yàrá nìkan ni èèyàn ti lè tún ẹnu wọn nà kó tọ́.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àkàbà sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó ya! Ẹ fà á ya, ká máa lọ! Àwọn kan ti jókòó ti kọ́kọ́rọ́ bí ológbò tó ń ṣọ́ eku!"

Ẹ̀gbọ́n mi tún fi òòlù kọ́ ìṣó, páànù ké. Àbúrò ọkọ rẹ̀ fò dìde.

"Dúró! O máa ya á!"

"Ẹ̀yin náà lẹ tẹ ẹnu wọn, ọkọ mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó dúró, ó ń wo òkè. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù tirẹ̀ jáde, ó ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ tó ń fa tábìlì. Ó na ẹnu ìṣó àkọ́kọ́, ó gbá a láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ sì yọ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi fà á. Ó jáde gbọọrọ, ihò rẹ̀ kéré bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ, òun nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi lókè, tí èmi ń gba páànù kalẹ̀, tí mò ń wo sánmà. Àánú ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí, ó sì bí mi nínú pé ó ń ṣe mí.

Nígbà tó ku ìṣó kan lára páànù tó kẹ́yìn, òòlù ìsàlẹ̀ dákẹ́.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé o ò ní dúró ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fọwọ́ tẹ pákó mọ́lẹ̀.

"Ẹ bá mi gbá a sókè, ọkọ mi. Ẹ rọra o."

Ó rọra gbá a.