Ọdún Tó Wà Lára Ìgò

Ìyábọ̀dé kórìíra Hassan, mánẹ́jà tuntun òtẹ́ẹ̀lì wọn ní GRA Ìlọrin, kò sì fi bò rárá. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń tọ́jú yàrá wáìnì níbẹ̀. Hassan ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtajà oògùn kan ní Ṣàngó dé ni, níbi tó ti máa ń yẹ ọjọ́ ara páálí wò kó tó wo ojú ẹni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1993, ó wọ yàrá náà, ó fa ọ̀kan yọ nínú ìgò wáìnì pupa mẹ́fà tó wà níbẹ̀, ó ka 1982 lára rẹ̀, ló bá figbe ta.

"Ìyábọ̀dé! Èyí ti ẹsipáyà láti ọdún mọ́kànlá! Ṣé o fẹ́ fi pa àwọn kọ́sítọ́mà wa ni?"

"Kì í ṣe ọjọ́ tó máa bàjẹ́ nìyẹn, sà. Ọdún tí wọ́n ká èso àjàrà rẹ̀ lóko ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wáìnì, pàápàá èyí tó funfun, kò yẹ kó pẹ́ nílẹ̀. Tó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta, adùn rẹ̀ á ti máa lọ. Ṣùgbọ́n wáìnì Bọ̀dó láti Faransé nìyí, ó lágbára, oòrùn sì mú àjàrà wọn pọ́n dáadáa lọ́dún yẹn. Ńṣe ló ń dùn sí i, ìyẹn ni mo ṣe tẹ́ ẹ sínú yàrá tútù."

"Ẹnu ẹ ti pọ̀ jù! Da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù kíákíá, tàbí kí o kó ẹrù ẹ!"

Ìyábọ̀dé ò lè fi iṣẹ́ ṣeré. Òun nìkan ló ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Àmọ́ òfin yàrá ni pé ohunkóhun kì í jáde láìsí ìwé, ló bá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ síwájú Hassan. Hassan fi ìbínú kọ ọ́: *Ìgò mẹ́fà, 1982, ti ẹsipáyà. Mo ní kí wọ́n dà á nù.* Ó fọwọ́ sí i. Ìyábọ̀dé da wáìnì náà sí gọ́tà lẹ́yìn kíṣìnì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Olóyè Ajíbádé tó ni òtẹ́ẹ̀lì kó àlejò méjì wá jẹun ọ̀sán. Ó ní kí wọ́n gbé pupa 1982 tí òun fúnra òun rà bọ̀ láti Faransé wá.

"Ìyábọ̀dé ló dà á nù, sà," ni Hassan dáhùn wéré.

Ojú Olóyè pọ́n. "Ìwọ! Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá!"

Ìyábọ̀dé ò jà, kò sunkún. Ó lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ wá, ó ṣí i síwájú Olóyè. Olóyè kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yíjú sí mánẹ́jà.

"Kó ẹrù ẹ."

Hassan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Olóyè gbójú kúrò lára rẹ̀. Hassan wá kọjú sí Ìyábọ̀dé. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní "ẹ". Ìyábọ̀dé rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó to gíláàsì sórí tábìlì.

"Funfun 1991 wà, sà," ló sọ fún Olóyè. "Ó ṣì dáa. Ṣé kí n gbé e wá?"