Ọjọ́ Tí A Ta Búlọ́ọ̀kù Àkọ́kọ́

Ní pálọ̀ wa ní Jikpan, ní Minna, ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ bàbá mi ló wà lókè tẹlifíṣọ̀n, nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mí nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá ń lálàá kọ́ńtírákítì, kí ó tó ra ṣọ́bìrì kan, lọ́yà ni yóò kọ́kọ́ wá lọ, kí wọ́n bá a forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ akọ́lé kan, ṣe tiwọn náà. Kọ́ńtírákítì ò dé. Àlejò tó bá wọlé, wọn á nawọ́ sí férémù, wọn á ní, "Ilé-iṣẹ́ mi nìyẹn." Àwa ọmọ a máa faṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ni wọ́n tó ra ẹ̀rọ ìyọ búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n gba ilẹ̀ kékeré kan ní Tudun Wada. Mo ti sin ìjọba tán nígbà yẹn, èmi ni mo sì ń bá wọn ṣe ìṣirò. Àwọn agbowó-orí bi wá ní ọjọ́ tí òwò bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní kí n kọ ọjọ́ inú férémù. Mo ní rárá o, ọjọ́ yẹn ni òfin mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ wà. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láìta nǹkan kan. Mo wá ọjọ́ òwò fúnra mi. Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì ní àwọn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kọ́kọ́ yọ fọ́, wọ́n fi dí kòtò ojú títì. Èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n fi ta mọ́sálásí kan lọ́rẹ. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Sauka Kahuta ló kọ́kọ́ rà, fún ọgbà ilé rẹ̀, nínú ọyẹ́. Mo lọ bi ọ̀gá náà, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣọ̀kan, owó tó san sì wọ báńkì lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ. Bàbá mi fọwọ́ sí i.

Ọdún kejì, ẹgbẹ́ àwa ará Ìlọrin ní Minna fẹ́ kọ́ ilé-kéwú. Ògiri wọn kan ti wó rí, torí náà ìgbìmọ̀ ní ẹni tó bá ti ń yọ búlọ́ọ̀kù fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán, nìkan ni àwọn máa gbé iṣẹ́ fún. Kò sí iṣẹ́ ńlá tó tíì kan bàbá mi rí. Èyí ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo bá wọn lọ. Bí mo ṣe rí férémù yẹn lábẹ́ apá wọn, ara mi ti bù máṣọ. Wọ́n gbé e ka orí tábìlì.

"Ọdún mẹ́tàlá rèé," ni wọ́n wí. "Ẹ wò ó."

Alága ìgbìmọ̀, ẹnjiníà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun àti bàbá mi jọ mọra láti kékeré, tẹjú mọ́ ọn. "Haba, Alhaji! Ọjọ́ tí ìjọba fi orúkọ yín sílẹ̀ nìyí. Ọjọ́ tí ẹ ta búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ là ń bi yín."

"Ṣé kì í ṣe orúkọ la fi ń mọ ọmọ ni?"

"To, ó dáa. Ẹ ti sọ ọmọ lórúkọ. Ìgbà wo lẹ wá bí i?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú wọn. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ta ni nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn dé Tudun Wada? Inú bí mi sí bàbá mi, ojú sì ń tì mí pé èmi ni ọmọ wọn.

Alága kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lò ń bá wọn ṣe ìṣirò. Ìgbà wo ni?"

Mo wo bàbá mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Kò tíì pé ọdún mẹ́ta, sà," ni mo wí.

Alága mi orí. "Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà Sauka Kahuta yẹn kọjá. Búlọ́ọ̀kù gidi ni, wallahi. Ká ní ẹ sọ fún wa pé ẹ kò tíì pẹ́ nídìí ẹ̀ ni, à bá jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bu ọdún kún ọdún, ṣé kò ní bu yanrìn kún sìmẹ́ǹtì?"

Ojú wa níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

A fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Èmi ni mo gbé férémù. Nígbà tí mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi dójú tì wá báyìí? Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn ọdún yẹn kì í ṣe ọdún iṣẹ́."

Wọ́n dúró, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ọdọọdún ni mo ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì àwọn èèyàn. Mo dé Kàdúná, mo dé Àbújá. Wọn á ní kí n lọ ná, kí n padà wá. Mo máa ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín nílé. Gbogbo ọdún tí mo fi wá iṣẹ́ kiri yẹn, tí kò bá sí lára ọjọ́ orí ilé-iṣẹ́ yìí, níbo ni kí n wá kà á sí?"

Ìtìjú tó ti ń bá mi nítorí wọn láti àárọ̀ wá di tèmi. Ẹ̀yìn wọn ni mo ń tọ̀ títí a fi délé, mi ò lè bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́.