Ẹgbẹ́ Yóò Ṣe É

Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ yàtọ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó dúró sí lọ́jọ́ náà. Èmi, ẹ̀bá ọ̀nà ni mo dúró sí, èéfín sì ń wọ̀ mí lójú.

Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ní gbogbo ibi ìlagi wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ẹni tó ń ta pákó tó mi. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mí. Ẹnìkan kì í kó wa láyà jẹ.

Ìyẹ̀fun igi, èyí tí ayùn ń tú jáde nígbà tó bá ń la igi, ló fa ìpàdé ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ igi. Ó ti ga ju ènìyàn lọ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Wáyà iná kan sì so kọ́ lókè rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, iná a máa ta pàrà lára rẹ̀. Ọyẹ́ sì ń bọ̀. Gbogbo wa mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí la fi sọ̀rọ̀. Bàbá Alága sọ ìtàn ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀. Ẹnìkan ń ráhùn owó ilẹ̀. Àdúrà kò lóǹkà. Àǹtí Akọ̀wé, obìnrin tó ń ta ìṣó lẹ́nu ọ̀nà wa, ń kọ gbogbo rẹ̀, nítorí nínú ẹgbẹ́ tiwa, àgbà tí a kò bá kọ àdúrà rẹ̀ gbà pé wọ́n bú òun ni. Ìwé náà kún ojú ewé mọ́kànlá.

Mo ní, "Àǹtí Akọ̀wé, kí ni gbogbo èyí? Bí mo bá rán dírẹ́bà mi lọ gbé igi ní Ìresà, ohun mẹ́ta péré ni mo ń sọ: ohun tó máa ṣe, pé òun gan-an ló máa ṣe é, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Àwọn yẹn dà nínú tiyín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Alhaji, wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n kàn sá pamọ́ ni."

Ó wá wọn jáde. Láàárín àdúrà kan àti ìtàn ọkọ̀, onímáṣíìnì, ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ ìlagi, ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun máa kó ìyẹ̀fun náà kó tó di Jímọ̀. Bàbá Alága náà ti sọ pé òun máa lọ bá àwọn oníná sọ̀rọ̀ wáyà lọ́jọ́ Ajé. Ó ti kọ wọ́n, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ara rẹ̀. Ó fi ìwé gígùn pa mọ́, ó kọ ojú ewé kan: iṣẹ́, ẹni tó máa ṣe é, ọjọ́. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá dé.

"Àdúrà mi dà?" Bàbá Alága ló ń pariwo.

"Ó wà nínú ìwé gígùn, sà."

Onímáṣíìnì ní, "Ẹ lẹ̀ mí mọ́ ilẹ̀kùn bí ẹni tó jí ewúrẹ́!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà."

"Mo sọ ọ́. Mi ò ní kí ẹ kọ ọ́ síta!"

Mo ní kí wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀. Bàbá Alága yíjú sí mi. "Ará Ọ̀yọ́, ìwé kẹta lo fẹ́ fi kọ́ wa ní ìpàdé?" Ó kọjú sí akọ̀wé. "Pa orúkọ wọ̀nyẹn rẹ́. Kọ 'Ẹgbẹ́ yóò ṣe é.' Pa ọjọ́ rẹ́. Kọ 'láìpẹ́.'"

Ó kọ ọ́. Ó tún lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ ilẹ̀kùn.

Èmi kì í bẹ ènìyàn. Mo wọ ọkọ̀ mi, mo lọ sílé ní Ọ̀yọ́. Jímọ̀ kọjá, òmíràn tún kọjá. Mo pe onímáṣíìnì lórí fóònù.

"Ta ló ń kó ìyẹ̀fun náà?"

"Ẹgbẹ́ ni, Alhaji."

"Ta ni ẹgbẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo padà dé ibi ìlagi. Ọyẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan. Mo ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí wáyà náà ta pàrà. Ìyẹ̀fun náà kọ́kọ́ rú èéfín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Onímáṣíìnì sá wọlé láti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. A ké pè é, a ké pè é. Òrùlé wó lé e lórí.

Ohun tó lọ nìyí. Ẹ̀rọ ìlagi méjì. Ìsọ̀ mẹ́rin, ti Àǹtí Akọ̀wé wà nínú wọn. Gbogbo pákó mi, àfi èyí tó wà nínú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ àti ìwé tó wà lára rẹ̀. Ọkùnrin kan, tó ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta.